Ta Ni Yóò Yin Lágbájá? Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì àti Ẹ̀rí nínú Ọ̀rọ̀ Ṣókí Nípa Òǹkọ̀wé

Ẹ̀yìn ìwé ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń wà, tàbí ìsàlẹ̀ ojú-ìwé àkọ́kọ́ nínú àpilẹ̀kọ. Kì í ju ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, àkọlé rẹ̀ kì í sì í ju "Nípa Òǹkọ̀wé". A máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó ń sọ̀rọ̀: "Lágbájá jẹ́ onímọ̀", "Ó kàwé ní ibi báyìí", "Òun ni ó kọ ìwé báyìí". Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olóòtú rí mọ̀ pé Lágbájá fúnra rẹ̀ ni ó jókòó kọ ọ́. Òǹkàwé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ ìyìn bá wà níbẹ̀, ẹnu tí ó ti jáde kò fara sin, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ ẹni kẹta.

Kò sí wàhálà púpọ̀ nínú èyí fún ẹni tí ó ń kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí kò ka ìyìn ara ẹni sí èèwọ̀. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá kọ ọ́ ní Yorùbá, fún òǹkàwé tí etí rẹ̀ ti mọ̀ pé ẹlòmíràn ni í ki ènìyàn. Karin Barber fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1991, lórí oríkì ní ìlú Òkukù, pé àwọn obìnrin ilé, ìyàwó àti ọmọ-osú, ni oríkì wà lẹ́nu wọn jù, àti pé kì í ṣe ohun tí ó dùn mọ́ ẹni tí a ń kì nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí a ń kì kàn dúró ni; orí rẹ̀ lè wú, ó lè ná owó, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó kàn án nínú yíyan ọ̀rọ̀. Òǹkọ̀wé tí ó ń kọ "Nípa Òǹkọ̀wé" wà ní ipò tí ẹni tí a ń kì kì í sí: òun ni a ń kì, òun náà ni ó ń kì. Bí ó bá dákẹ́, olóòtú tàbí ìgbìmọ̀ tí ó fẹ́ fún un ní owó ìwádìí kò ní mọ ìdí tí wọn yóò fi fọkàn tán an. Bí ó bá sọ̀rọ̀ jù, àwọn àgbà yóò fi ojú burúkú wò ó. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ọgbọ́n tí ó lè gba irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ là, àti ibi tí ọgbọ́n náà ti wà nínú ohun tí Yorùbá ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń pe ẹlẹ́rìí

Ó dára kí a kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó kún inú irú àkọsílẹ̀ yìí. Mẹ́ta nínú wọn ni gbajúgbajà, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká àti àgbà ọ̀jẹ̀. Nítorí pé a ti lò wọ́n títí wọ́n fi rọ̀, a kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Ìlú-mọ̀-ọ́n-ká jẹ́ odindi gbólóhùn tí a sọ di orúkọ: ìlú mọ̀ ọ́n káàkiri. Ìlú ni olùwà nínú gbólóhùn náà, ìlú ni ó ṣe mímọ̀. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sí ara rẹ̀ lára ti pe ìlú jáde wá jẹ́rìí, ìlú kò sì sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbà ọ̀jẹ̀. Láàrin àwọn eléégún ni ọ̀jẹ̀ ti wá, àwọn tí ó wà nínú iṣẹ́ ni ó lè sọ ẹni tí ó ti dàgbà níbẹ̀. Kì í ṣe ipò tí ènìyàn ń fi ara rẹ̀ jẹ.

Nítorí náà, àṣìṣe tí ó wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ju ti ìgbéraga lọ. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni wọ́n, a sì lò wọ́n láìsí ẹlẹ́rìí. Ó tún ní ohun tí ó burú ju èyí lọ fún ẹni tí ó fẹ́ kí a gba òun gbọ́: gbogbo ènìyàn ni ó ń lò wọ́n. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún gba ìjálá sílẹ̀ nínú igbó àti ẹni tí ó kọ ìwé kan ṣoṣo lánàá ni gbajúgbajà lójú-ìwé kan náà. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Aláǹgbá mìíràn tún wà nínú òwe, èyí tí ó já láti orí ìrókò, tí ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá yin òun, òun yóò yin ara òun. Àwọn ènìyàn a máa fi òwe yìí gbèjà ìyìn ara ẹni, ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wò ó, ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyìn ara ẹni ni ohun ìkẹyìn nínú òwe náà; kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ yìn ín ni ó yẹ, àfi bí wọn kò bá ṣe é. Ìkejì ni pé ìrókò wà níbẹ̀. Gíga rẹ̀ hàn sí gbogbo ojú. Aláǹgbá kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé akíkanjú ni òun, ó kàn mi orí. Bí a bá yọ ìrókò kúrò nínú òwe, ohun tí ó kù ni aláǹgbá tí ó ń mi orí lásán, gbogbo aláǹgbá ni ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Igbo náà ní òwe yìí. Chinua Achebe fi í sí ẹnu Okonkwo nínú ìwé rẹ̀ ti 1958, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ bá Nwakibie pé kí ó yá òun ní iṣu gbígbìn. Ẹni tí ó ń wá ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó pa á, níwájú ẹni tí ó lè sọ pé rárá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń kọ "Nípa Òǹkọ̀wé" lónìí.

Johnson àti Lágúnjú

Àpẹẹrẹ kan wà nínú ìtàn ìkọ̀wé Yorùbá tí ó yẹ kí a kà dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Samuel Johnson kọ sí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 ni. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́ ni Johnson. Ó kú ní 1901, ìwé náà kò sì jáde títí di 1921, lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀, Obadiah, ti tún un ṣe. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú náà, Johnson ní láti dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni lè bi í: kí ni ó mú àlùfáà kan rò pé òun ni ó yẹ kí ó kọ ìtàn gbogbo ìran kan?

Ó dáhùn lọ́nà méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní kì í ṣe ìfẹ́ láti rí orúkọ òun nínú ìwé ni ó mú òun kọ ọ́. Ó kọ ọ́ nítorí ìfẹ́ ilẹ̀ baba, kí ìtàn má baà ṣègbé bí àwọn àgbà ṣe ń kú lọ. Lẹ́yìn náà, ó dárúkọ àwọn tí ó gba ìtàn lẹ́nu wọn, lára wọn ni David Kúkọ́mi àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ.

Àwọn tí ó ń yin ìrẹ̀lẹ̀ Johnson sábà máa ń tọ́ka sí ìdáhùn àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn ni ó rọ jù. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé òun kò wá òkìkí. Ẹni tí ó ń wá òkìkí gan-an ni ó máa ń tètè sọ ọ́. Kò sí ọ̀nà tí òǹkàwé lè fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ìdáhùn kejì ni ó ní agbára. Nígbà tí Johnson dárúkọ Tìmì Ẹdẹ, kò sọ pé onímọ̀ ni òun. Ohun tí ó sọ ni pé òun ti jókòó níwájú ẹni báyìí, ní ìlú báyìí, òun sì ti gbọ́. Ẹ̀rí náà ní orúkọ àti ìlú. Ará Ẹdẹ lè já a ní koro bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Ìyìn tí ó wà níbẹ̀ bọ́ sórí Lágúnjú, ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó padà wá bá Johnson. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì àti ẹ̀rí di ohun kan náà nínú gbólóhùn kan, láìsí pé òǹkọ̀wé tẹrí ba rárá.

Ohun tí Àkàràògùn sọ nípa ara rẹ̀

Nínú lítíréṣọ̀ àtinúdá, D. O. Fágúnwà gbé irú ọgbọ́n yìí kalẹ̀ lọ́nà mìíràn nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938. Ẹni méjì ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà. Akọ̀wé ni ẹni kìíní, bàbá arúgbó tí ó wá bá a pé kí ó mú gègé àti ìwé ni ẹni kejì. Akọ̀wé kò sọ fún wa ibi tí ó ti kàwé tàbí ohun tí ó ti ṣe rí. Àkàràògùn ni ó sọ ẹni tí òun í ṣe, bí ó sì ṣe sọ ọ́ ni ó kàn wá níhìn-ín.

Ó dárúkọ ara rẹ̀. Ó sọ pé òun wà lára àwọn ògbójú ọdẹ àtijọ́. Lẹ́yìn èyí, ojú-ìwé kò tún jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àpèjúwe: ọdẹ ni, olóògùn ni, Àkàràògùn sì ń ka iye àdó, àtò àti oògùn tí ó wà nínú ilé náà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó kan ìyá rẹ̀, àjẹ́ ni ìyẹn, ohun tí a sì sọ nípa rẹ̀ kì í ṣe ìyìn rárá. Ẹ wo bí ó ṣe pín in: òun ní gbólóhùn kan tàbí méjì, bàbá ní òǹkà, ìyá ní ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fi pamọ́. Lójú òǹkàwé, ẹni tí ó ti irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde kò ní láti sọ pé òun mọ igbó. Pé ó sọ ti ìyá rẹ̀ mú kí a gba ti bàbá rẹ̀ gbọ́, gẹ́gẹ́ bí àléébù inú oríkì ṣe ń mú kí a gba oyin inú rẹ̀ gbọ́.

A lè sọ pé àwọn ọdẹ inú ìwé yìí kan náà a máa fọ́nnu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iwájú ọ̀tá ni ìfọ́nnu ti ní àyè, níbi tí ìjà yóò ti fi hàn lójú ẹsẹ̀ bóyá ẹni tí ó fọ́nnu purọ́. Níwájú akọ̀wé tí ó mú gègé dání, Àkàràògùn kò fọ́nnu. Ó fi ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, èrò pọ̀ sí i láti wá gbọ́. Ìyìn rẹ̀ ni ẹsẹ̀ èrò wọ̀nyẹn.

"Ó" tàbí "wọ́n"

Kí a tó dé orí Lágbájá, ọ̀rọ̀ gírámà kan wà tí ẹni tí ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kì í bá pàdé. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni kẹta kò ní ipò ọlá. Ní Yorùbá, bí Lágbájá bá sọ nípa ara rẹ̀ pé "wọ́n kàwé ní Ìbàdàn", ó ti kí ara rẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ ohunkóhun. Èdè àkọsílẹ̀ sábà máa ń lo "ó" fún àgbà àti ọmọdé, èyí sì gba òǹkọ̀wé là. Ìṣòro wà níbi tí olóòtú ti fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà, tí ó yí àwọn "ó" kan sí "wọ́n", tí ó sì gbàgbé àwọn yòókù. Òǹkàwé á wá rí ojú ibi tí a ti gán aṣọ méjì pọ̀, yóò sì mọ èyí tí Lágbájá kọ àti èyí tí a fi kún un.

Àtẹnumọ́ "òun ni ó" tún léwu ju "wọ́n" lọ. "Ó ṣe àkójọ ẹkún ìyàwó ní Ìsẹ́yìn" sọ pé ó ṣe é. "Òun ni ó ṣe àkójọ ẹkún ìyàwó ní Ìsẹ́yìn" ti lé gbogbo àwọn yòókù jáde nílé, pàápàá bí "kọ́kọ́" bá tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kò mọ̀ pé àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbólóhùn alátẹnumọ́ máa ń dùn létí ju èyí tí kò ní àtẹnumọ́ lọ.

Lágbájá lẹ́ẹ̀mẹta

Àkọsílẹ̀ mẹ́ta tí ó tẹ̀lé èyí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. A hun wọ́n fún àyẹ̀wò ni, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan nínú wọn tí ojú òǹkàwé ìwé Yorùbá kò ní dá irú rẹ̀ mọ̀. Èyí àkọ́kọ́ nìyí:

"Ọ̀mọ̀wé Lágbájá jẹ́ gbajúgbajà onímọ̀ àti ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òǹkọ̀wé tí ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ lọ́lọ́kan-ò-jọ̀kan. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni nínú ìmọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn. Òun ni ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ìjìnlẹ̀ lórí ẹkún ìyàwó, àwọn iṣẹ́ rẹ̀ sì ti tàn kárí ayé."

Bí a bá yọ àwọn ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kúrò, ohun mẹ́ta péré ni ó kù tí a lè yẹ̀ wò. Àmì-ẹ̀yẹ wà, a kò mọ èwo, a kò mọ ẹni tí ó fún un. Iṣẹ́ wà kárí ayé, a kò mọ orúkọ ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ pé òun ni ó kọ́kọ́ ṣe é nìkan ni ó ṣe pàtó, òun náà ni kò sì jẹ́ òótọ́: Barber ti kọ nípa rárà ìyàwó, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹkún ìyàwó, nínú ìwé ti 1991 tí a ti dárúkọ. Ẹyọ kan ṣoṣo tí òǹkàwé lè dì mú ni ó já mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, kò ní gba àmì-ẹ̀yẹ gbọ́ mọ́, bí ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ìyẹn jẹ́ òótọ́.

Nígbà tí àgbà kan bá wí Lágbájá pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, ohun tí ó sábà máa ń ṣe ni pé yóò fò lọ sí òdìkejì:

"Akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni Lágbájá, tí ó ń tẹ̀lé ẹ̀yìn àwọn àgbà. Ó ń gbìyànjú láti mọ díẹ̀ nípa ẹkún ìyàwó. Àṣìṣe kò lè ṣàì sí nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń tọrọ àforíjì."

Èyí kò bínú ẹnikẹ́ni, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bí ó ṣe dá bí ìrẹ̀lẹ̀ tó, ìbátan ti àkọ́kọ́ ni: àpèjúwe lásán náà ni, a kàn yí i délẹ̀ ni. "Lásán" kò ṣeé wádìí ju "gbajúgbajà" lọ. Nígbà tí ọmọdé bá pa òwe níwájú àgbà, ó máa ń sọ pé "tótó ó ṣe bí òwe", àwọn àgbà a sì dáhùn pé yóò pa òmíràn. Gbólóhùn ìrẹ̀lẹ̀ yẹn kúrú, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń sọ ọ́, kò sì dí òwe lọ́wọ́. Òwe náà ni a wá gbọ́. Lágbájá kejì ti sọ "tótó" lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì pa òwe kankan. Ẹni tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ó bá kà á yóò gbà á ní òdodo bí ó ṣe kọ ọ́, yóò sì fún ẹlòmíràn ní owó. Ìrẹ̀lẹ̀ tí ó pọ̀ jù tún ní ewu kan: ó máa ń dàbí ẹni tí ń tọrọ pé kí a já òun nírọ́, kí a sọ pé "Háà, ẹ̀yin kọ́!" Ọ̀nà mìíràn láti wá ìyìn ni ìyẹn, òǹkàwé tí ó bá gbọ́n sì máa ń tètè rí i.

Èyí ni ẹ̀kẹta:

"Olùkọ́ èdè Yorùbá ni Lágbájá. Láàrin 2016 àti 2019, ó gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu obìnrin 21 ní Ìsẹ́yìn. 16 nínú wọn ti lé ní ẹni 60 ọdún. Ìyá Tàmẹ̀dò, ọ̀kan lára wọn, ni ó kọ́ ọ bí a ṣe ń dá ibi tí ẹkún ti ń yà sínú oríkì orílẹ̀ mọ̀. Lórí àkójọ yìí ni ó kọ iṣẹ́ tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2021. Kò tíì gba ti Ìbàràpá sílẹ̀."

Kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn kan níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀rọ̀ ìtẹríba. Gbólóhùn kejì ni ìrókò aláǹgbá. Ọdún mẹ́ta, ìlú kan, obìnrin 21: ẹnikẹ́ni tí ó ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí agboolé rí mọ bí èyí ti ga tó. Ó mọ̀ pé àwọn ìyá àgbà kì í dédé sún ẹkún tí wọ́n sun nígbà ìgbéyàwó fún àlejò, àti pé ẹni tí ó rí 21 ti padà lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwọ̀n ọjọ́ orí wọn ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ó sọ fún wa, láìpariwo, pé kò pẹ́ mọ́ tí ohùn wọ̀nyí yóò dákẹ́, àti ìdí tí kíkójọ wọn fi kánjú. Bí Lágbájá bá ní 3 péré, kí ó kọ 3. Iye kékeré tí ó jẹ́ òótọ́ ṣì sàn ju "ọ̀pọ̀lọpọ̀" lọ, nítorí pé ẹni tí ó bá kọ "ọ̀pọ̀lọpọ̀" ni a máa ń fura sí pé kò kà.

Ìyá Tàmẹ̀dò ni Lágúnjú inú àkọsílẹ̀ yìí. A gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó dárúkọ rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, "ìyá àgbà kan ní Ìsẹ́yìn" yóò tó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ yóò dín kù. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé a sọ ohun tí ó kọ́ Lágbájá. Ibí yìí ni a ti lè dá ìjúbà mọ̀ yàtọ̀ sí ògo àyálò. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ni ó ń sọ pé "akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n báyìí ni" tí kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé a fi orúkọ ńlá bo orúkọ kékeré mọ́lẹ̀ bí agboòrùn. Bí a bá dárúkọ olùkọ́, kí ohun tí a rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó tún yẹ kí a ṣàkíyèsí pé àpẹẹrẹ wa kò dárúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n rárá, ìyá tí kò lọ sí yunifásítì ni ó dárúkọ, òun sì ni ó kọ́ ọmọ yunifásítì.

Oyè ọ̀mọ̀wé kò sí níwájú orúkọ mọ́, ó ti di ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ní ọdún, tí ó sì so mọ́ iṣẹ́ kan. Àwọn kan yóò ṣàtakò pé oyè tí ènìyàn fi òógùn gbà kò yẹ kí ó fi pamọ́, pàápàá obìnrin, tí àwọn ènìyàn máa ń tètè yọ oyè rẹ̀ sọ nù tí wọn yóò sì máa pè é ní ìyá lágbájá. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé bá ń fi oyè síwájú orúkọ gbogbo ènìyàn, kí ó fi tirẹ̀ náà síwájú. Ìlànà ilé nìyẹn, kì í ṣe ìyìn. Ohun tí kò dára ni kí oyè wà níwájú orúkọ, kí ó tún jẹ yọ nínú gbólóhùn kìíní, kí ó sì tún padà wá níparí.

Gbólóhùn ìkẹyìn ni àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé máa ń bẹ̀rù jù. Kí ni ó dé tí ènìyàn yóò fi sọ ohun tí kò tíì ṣe? Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin rẹ̀ àti "àṣìṣe kò lè ṣàì sí". Ìyẹn jẹ́ àforíjì tí kò ní ojú. Èyí jẹ́ ààlà ilẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé Ìbàràpá ní tirẹ̀, tí ó sì yàtọ̀ sí ti Ìsẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí a dárúkọ rẹ̀, ti fi hàn pé òun mọ pápá náà ju ibi tí òun dúró sí lọ. Ó tún ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìyá Àkàràògùn ṣe: ó mú kí 21 náà ṣeé gbà gbọ́. Ẹyọ ààlà kan tó. Bí ó bá di mẹ́ta, ó ti ń padà di Lágbájá kejì nìyẹn.

Ọ̀nà yìí ní ibi tí kò dé. Ìgbìmọ̀ tí ó wà ní òkè òkun, tí kò mọ Ìsẹ́yìn tàbí ohun tí ẹkún ìyàwó jẹ́, lè má rí gíga ìrókò náà. Fún irú wọn, a ní láti fi gbólóhùn kan kún un tí yóò sọ ohun tí ẹkún ìyàwó í ṣe, àti pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń dín kù. Ìyẹn ni pé igi ni a ó ṣàlàyé, kì í ṣe aláǹgbá. Ẹni tí kò tíì ní pápá kankan, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kò sì ní rí ohun púpọ̀ kọ. Ìlà méjì ni kí ó kọ, kí ó sọ ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́ àti ibi tí ó ti ń ṣe é.

Ohun kan ṣì kù tí òǹkọ̀wé kò lágbára lé lórí. Lágbájá lè fi ẹ̀kẹta ránṣẹ́, kí olóòtú, nínú inú rere rẹ̀, fi "gbajúgbajà" kún un kí ìwé tó jáde. Ní tòótọ́, ẹnu ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde nígbà yìí, gẹ́gẹ́ bí àṣà ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n òǹkàwé kò rí olóòtú. Lábẹ́ àkọlé "Nípa Òǹkọ̀wé", Lágbájá ni yóò rò pé ó sọ ọ́. Nítorí náà, bí olóòtú bá fẹ́ yìn ín, kí ó ṣe é nínú ọ̀rọ̀ olóòtú, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀; bí àbọ̀ ìwé títẹ̀ bá sì padà sọ́dọ̀ Lágbájá fún àyẹ̀wò ìkẹyìn, ibẹ̀ ni kí ó ti fa igi lé ọ̀rọ̀ náà, kí ó dúpẹ́, kí ó sì dá a padà.